Kaṣú, oṣù mẹ́ta, àti iye tí wẹ́bùsáìtì kan tó gan-an

Àwòrán mẹ́ta ni tíṣà kan tó fẹ́ ta wẹ́bùsáìtì kékeré kan tó ní fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Ìparí oṣù karùn-ún ni, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà níbi tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iná ti lọ láti àárọ̀, atẹ́gùn ni mo ń gbà. Àwòrán àkọ́kọ́, oṣù kẹta, dọ́là 52. Ìkejì, oṣù kẹrin, dọ́là 44. Ìkẹta, oṣù karùn-ún, dọ́là 27. Owó tó pa lórí AdSense láti ara sáìtì náà nìyẹn, Google á fi ìpolówó sójú ìwé ẹ, wọ́n á sì fún ẹ nínú ohun tí àwọn olùpolówó bá san.

Apá Ìsánlú ni tíṣà yìí ti ń kọ́ni. Iye tí wọ́n ń ra kaṣú ló ń kọ sórí sáìtì yẹn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń pe àwọn tó ń ra kaṣú ní Kàbà, ní Ìyàrá, ní Ẹ̀gbẹ̀, títí dé apá Lọ́kọ́ja, á bi wọ́n pé eélòó ni kílò kan lónìí, á kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ti ń ṣe é fún bí ọdún mẹ́rin. Ó wá fẹ́ tà á torí ó ń lọ fún másítà, kò ní ráyè mọ́.

Ó ti ṣírò ẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ó pa oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó jẹ́ 123, ó pín in sí mẹ́ta, ó jẹ́ 41, ó wá sọ 41 di ìlọ́po 24, ó ní dọ́là 984 lòun máa gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kó má di pé mo ń ba èèyàn dáadáa lórúkọ jẹ́, tíṣà yìí ò parọ́ rárá, gbogbo iye tó fi ránṣẹ́ ló jẹ́ òótọ́, ọ̀nà tó sì fi ṣírò ẹ̀ náà ni ọ̀nà tí gbogbo àwa tó ń ra sáìtì kéékèèké tí a ń tún un tà fi ń ṣírò. Ẹ wo èrè tó ń wọlé lóṣù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye oṣù kan, òun ni iye ẹ̀. Sáìtì tó bá lágbára, tó ti pẹ́, tó ń rí owó láti ọ̀nà bíi mélòó kan lè gba 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kékeré tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé e ró, tó jẹ́ AdSense nìkan ló ń jẹ, ẹni tó bá rí 24 gbà lórí ẹ̀ ti ṣe dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni oṣù tó mú. Gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa ló mọ̀ pé kaṣú ní àsìkò. Láti oṣù kejì lọ sí oṣù karùn-ún, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣa á, àpò kún ẹ̀gbẹ́ títì, ọkọ̀ ń já wọlé láti ibi tí èèyàn ò mọ̀. Ìgbà yẹn ni àgbẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ tó wà l'Ábújá, àti alárọ́bọ̀ tó fẹ́ lọ rà á lóko ń wá iye tó jẹ́ lórí fóònù. Tí òjò bá ti mú dáadáa, ta ló tún ń bèèrè iye kaṣú? Kò sí ẹnì kankan. Oṣù mẹ́ta tí tíṣà mú wá, oṣù mẹ́ta tí gbogbo ayé ń bèèrè ni.

Mo pè é. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi oṣù méjìlá ránṣẹ́, láti oṣù kẹfà ọdún tó kọjá." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, oṣù mìíràn ò fi bẹ́ẹ̀ dáa o." Mo ní mo mọ̀, kí wọ́n ṣáà fi ránṣẹ́.

Nígbà tó dé, bó ṣe rí nìyí: oṣù kẹfà 14, oṣù keje 6, ìkẹjọ 4, ìkẹsàn-án 4, ìkẹwàá 3, ìkọkànlá 5, ìkejìlá 8, oṣù kìíní 15, oṣù kejì 34, lẹ́yìn náà àwọn mẹ́ta tí mo ti rí tẹ́lẹ̀. Ẹ pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, dọ́là 216 fún ọdún kan. Ẹ pín in sí 12, dọ́là 18 lóṣù. Kì í ṣe 41.

A ò sì tíì yọ ìnáwó. Dòméènì, ìyẹn orúkọ sáìtì, àti họ́sítìǹgì, ìyẹn ibi tí fáìlì ẹ̀ ń gbé, jọ ń gba dọ́là 60 lọ́dún, ìyẹn dọ́là 5 lóṣù, ó ku 13. Mẹ́tàlá lọ́nà 24 jẹ́ 312. Ẹ rí i pé láti 984, a ti bọ́ sí 312, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìdí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí léèrè pé ọdún kan gbáko ni kí wọ́n wò nìyí, pàápàá tí ohun tí sáìtì náà ń sọ bá jẹ́ ohun tó ní àsìkò, bí ìdánwò JAMB, bí oúnjẹ ọdún, bí ọ̀rọ̀ àgbàdo àti iṣu. Oṣù mẹ́ta lè mú kí èèyàn san owó ìlọ́po mẹ́ta.

Nǹkan kan tún wà tí kì í hàn nínú àwòrán AdSense. Ipe ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Mo bi tíṣà pé wákàtí mélòó ló ń gbà wọ́n, wọ́n ní bíi méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta tí àwọn oníṣòwò ò bá gbé fóònù. Tí mo bá ra sáìtì náà, èmi ni màá máa pe wọ́n. Tí mi ò bá pè, iye tó wà lójú ìwé á di iye àtijọ́, àwọn tó ń wá a á wọlé, wọ́n á rí i pé ti oṣù tó kọjá ni, wọ́n á jáde lọ síbòmíràn, láìpẹ́ Google náà á rí i. Ẹni tó bá ní òun máa gba ẹlòmíràn sí iṣẹ́ yẹn, owó oṣù tí wọ́n máa san fún un á jẹ gbogbo èrè 13 yẹn tán. Torí náà ohun tí mo ń rà kì í ṣe owó tí á máa wọlé fúnra ẹ̀, iṣẹ́ ni mo ń rà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn gbangba, mo ní ìlọ́po 20 ni màá san, dọ́là 260. A fà á títí di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó gbà.

Kí n tó sanwó, mo ní kí wọ́n fi íméèlì mi sínú Search Console kí n lè wò ó fúnra mi. Àwòrán ò tó, àwòrán ṣeé ṣe lórí fóònù ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Search Console máa sọ fún ẹ pé ọ̀rọ̀ wo gan-an ni àwọn èèyàn tẹ̀ sí Google kí wọ́n tó bá sáìtì yẹn pàdé. Nínú ti tíṣà, ọ̀rọ̀ tó ga jù ni `cashew price per kg in nigeria today`, àwọn tó tẹ̀ lé e náà jọ ọ́, mo sì rí i tó ń gùn sókè ní oṣù kejì tó ń wálẹ̀ ní oṣù kẹfà, bíi ti AdSense gẹ́lẹ́. Ohun tí mo fẹ́ rí nìyẹn. Tí AdSense bá gùn tí Search Console ò gùn, á jẹ́ pé ibòmíràn ni àwọn àlejò yẹn ti wá, ẹnì kan lè máa rà wọ́n, tàbí kó jẹ́ ẹ̀rọ ló ń wọlé tó ń jáde, Google sì lè ti àkáǹtì pa nítorí ẹ̀. Mo tún lọ wo web.archive.org, níbi tí wọ́n ń tọ́jú bí ojú ìwé ṣe rí láyé àtijọ́, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kaṣú ló ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe sáìtì tẹ́tẹ́ tí wọ́n kàn kun lọ́dà.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá dé ibi tó ti jó mi lọ́wọ́ rí.

Ọdún bíi méjì ṣáájú, mo ra sáìtì kan tó ń sọ nípa fọ́ọ̀mù ilé ìwé. Ẹgbẹ̀rún 80 náírà. Ẹni tó tà á fún mi fún mi ní páásíwọ́ọ̀dù WordPress, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sórí sáìtì, mo wọlé, mo yí i padà, mo rò pé ó ti di tèmi. Mi ò mọ̀ pé dòméènì ẹ̀, orúkọ yẹn gan-an, wà nínú àkáǹtì ẹni tó bá wọn kọ́ sáìtì náà, òun ló fi íméèlì tiẹ̀ rà á, kò sì gbé e fún ẹni tó sanwó iṣẹ́. Oṣù kẹjọ, orúkọ náà fẹ́ parí, mo wá ẹni tó kọ́ sáìtì yìí títí, nígbà tí mo rí i, iye tó ní kí n san ju ohun tí mo fi ra gbogbo sáìtì náà lọ. Mi ò ní in. Mo rò pé tó bá ti parí, màá kàn lọ rà á bíi tuntun.

Kì í rí bẹ́ẹ̀. Tí `.com` bá parí, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rà á, tí à ń pè ní réjísítírà, lè mú un dání títí dé ọjọ́ 45, olówó ẹ̀ ṣì lè tún un san. Tí wọ́n bá ti pa á rẹ́, ọjọ́ 30 tún ń bẹ tí olówó ẹ̀ nìkan lè fi gbà á padà, ṣùgbọ́n owó ìtanràn tó wọ́n á wà lórí ẹ̀. Lẹ́yìn yẹn ni ọjọ́ 5 tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn án, kó tó bọ́ sí ìta. Mo ń ka ọjọ́. Mo dìde láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo tẹ orúkọ yẹn, ẹlòmíràn ti gbé e. Àwọn ilé iṣẹ́ wà tó jẹ́ iṣẹ́ wọn nìyẹn, ẹ̀rọ wọn ń dúró de orúkọ tó bá fẹ́ já, láàárín ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ń gbà á. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, orúkọ tí mo fi ẹgbẹ̀rún 80 rà ti di sáìtì tẹ́tẹ́. Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí.

Torí náà, tí mo bá fẹ́ ra sáìtì báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá ni ọwọ́ ẹni tí orúkọ wà. Mo máa ń ṣe èyí lórí kọ̀ǹpútà:

```
whois example.com
```

Ó máa gbé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rà á jáde, àti ọjọ́ tó máa parí, àti réjísítírà tó wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà kì í sọ orúkọ olówó ẹ̀ mọ́, wọ́n ti ń bò ó. Kí n wá mọ̀ bóyá ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ló ní kọ́kọ́rọ́, mo ní kí tíṣà wọnú àkáǹtì ní réjísítírà wọn, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan tí mo fún wọn sínú TXT, ìyẹn ààyè kékeré kan tí èèyàn lè kọ nǹkan sí lára dòméènì. Mo fún wọn ní `kaba-jimo`. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí mo tẹ èyí:

```
dig TXT example.com +short
```

`kaba-jimo` jáde. Ara mi balẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù WordPress ò lè ṣe ìyẹn, ẹni tó ní dòméènì tàbí tó ń darí ẹ̀ ló lè ṣe é. Mo tún ní kí wọ́n pè mí lórí fídíò kí n rí orúkọ wọn lójú àkáǹtì náà, torí ẹlòmíràn lè yá èèyàn ní kọ́kọ́rọ́ fún ọjọ́ kan. Wọ́n fi hàn mí. Orúkọ wọn ni, nọ́ńbà wọn ni.

Ọ̀rọ̀ owó, àwọn tó ń ṣe é láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè máa ń lo Escrow.com, tó máa gba owó lọ́wọ́ olùrà, á mú un dání títí orúkọ á fi dé ọwọ́ ẹ̀, kó tó sún un fún olùtà. Tèmi àti tíṣà, lọ́yà kan tí ẹbí àwa méjèèjì mọ̀ ní Kàbà ló mú owó náà dání. Réjísítírà kan náà ni mo lọ ṣí àkáǹtì sí, wọ́n kàn tì í láti inú àkáǹtì wọn sínú tèmi, ó parí lọ́jọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ pé mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí réjísítírà mìíràn ni, wọ́n ì bá kọ́kọ́ ṣí títì ẹ̀ (tí ẹ bá rí `clientTransferProhibited` nínú whois, ó wà ní títì nìyẹn), wọ́n á gba kóòdù, á sì gba ọjọ́ díẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé láti réjísítírà mìíràn, wọ́n lè dá a dúró fún ọjọ́ 60 kó tó lè tún kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀ sí àwọn tó ń ra orúkọ lásán, láìsí sáìtì nínú ẹ̀, torí wọ́n pọ̀ tó ń bi mí. Wọ́n gbọ́ pé Voice.com lọ ní mílíọ̀nù 30 dọ́là ní 2019, òótọ́ sì ni, wọ́n wá lọ ra orúkọ mẹ́wàá tó ní Kogi nínú. Èmi náà ti ra mẹ́sàn-án rí, orúkọ ìlú pọ̀ mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, orúkọ ìlú pọ̀ mọ́ ilé, ọdún méjì gbáko mo ń san owó wọn, ẹnì kankan ò bèèrè. Ohun tó kọ́ mi ni pé kí n máa wo iye tí wọ́n ti ta irú ẹ̀ rí, kì í ṣe iye tí ẹlòmíràn ń fi pè é. NameBio ń kó àwọn tí wọ́n ti tà jọ. Tí n bá wá irú orúkọ mi níbẹ̀ tí mi ò rí ẹyọ kan tó ti lọ rí, ìdáhùn mi nìyẹn. Ẹ má sì ra orúkọ ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú èrò pé wọ́n máa wá bẹ̀ yín. Láti 1999 ni ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ dòméènì lágbàáyé, ti ní òfin tí wọ́n ń pè ní UDRP, tí ilé iṣẹ́ náà bá fi hàn pé orúkọ wọn ni, pé ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àti pé torí àtijẹ lára wọn lẹ ṣe rà á, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín láìsan kọ́bọ̀ fún yín. Mo jẹ́ kí mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn parí. Mo padà sídìí kaṣú.

Lẹ́yìn tí sáìtì di tèmi, ohun méjì ni mo fi kún un. Àkọ́kọ́, mo kọ ojú ìwé kan nípa bí wọ́n ṣe ń mọ kaṣú tó dáa, ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní áòtọ́ọ̀nù. Wọ́n á mú díẹ̀ lára kaṣú, wọ́n á là á, wọ́n á wọn ọmọ inú ẹ̀ tó dáa, ìyẹn ló máa fi hàn wọ́n pé nínú àpò kílò 80, pọ́n-ùn mélòó ni wọ́n lè rí. Tó bá jẹ́ 48, inú wọn á dùn, tó bá jẹ́ 42, wọ́n á já owó. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan tó ń jẹ́ kí wọ́n já owó wọn nìyẹn, wọ́n rò pé wọ́n kàn ń rẹ́ wọn jẹ ni. Ojú ìwé yẹn làwọn èèyàn ń kà jù, wọ́n sì ń pẹ́ níbẹ̀.

Ìkejì ló mówó wá. Mo ra síìmù tuntun, mo kọ nọ́ńbà ẹ̀ sí abẹ́ iye kaṣú, mo ní ẹni tó bá ní kaṣú tó pọ̀ lọ́wọ́ kó pe nọ́ńbà yìí, màá so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó ń rà. Síìmù yẹn, mi ò lò ó fún nǹkan mìíràn, torí mo fẹ́ mọ iye ipe tí sáìtì nìkan mú wá. Mo ní ìwé kékeré aláwọ̀ ewé kan níbi káńtà, gbogbo ìpè ni mo ń kọ: ọjọ́, ìlú, àpò mélòó. "Ìyàmoyè, àpò 30." "Mọ̀pà, àpò 12, ó ti gbẹ." "Ìyàrá, tọ́ọ̀nù méjì." Láti oṣù kejì sí ìparí oṣù karùn-ún, ìpè 63. Àwọn oníṣòwò méjì san owó díẹ̀ fún mi kí n máa fi nọ́ńbà wọn sílẹ̀ lójú ìwé, gbogbo ẹ̀ jẹ́ bíi dọ́là 130 tí mo bá ṣẹ́ ẹ. AdSense wá tó 290 lọ́dún náà. Àpapọ̀ 420, ẹ yọ ìnáwó 60, ó ku 360, dọ́là 30 lóṣù.

Pẹ̀lú ìlọ́po 24, 720 ni mo lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ ra sáìtì. Ọjà irú ẹ̀ wà, Flippa ni wọ́n mọ̀ jù, mo tiẹ̀ ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ronú sí i. Ẹni tó máa rà á lórí Flippa, ó lè wà ní ìlú òyìnbó, ta ló máa bá a pe Ẹ̀gbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀? Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀ á dín iye kù. Lójú ẹni tó ń ra kaṣú, tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ti ń pe àwọn ibẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ yẹn ò fi nǹkan kan kún wàhálà ẹ̀. Sáìtì kan náà, iye méjì.

Torí náà mo tẹ àwọn ọ̀rọ̀ kaṣú yẹn sí Google, mo ń wo àwọn tó ń jáde lókè pátápátá pẹ̀lú `Sponsored` lórí wọn. Àwọn yẹn ń san owó fún Google kí àwọn tó ń wá kaṣú lè tẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ti ń sanwó lójoojúmọ́ kí wọ́n lè rí i, kò yẹ kí n tún máa ṣàlàyé fún un pé ó wúlò. Mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀, mo fi àwọn oníṣòwò tó wà nínú ìwé aláwọ̀ ewé kún un, gbogbo wọn jẹ́ 11. Ìlà márùn-ún péré ni mo kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: pé èmi ni mo ní sáìtì yìí, pé tí wọ́n bá tẹ ọ̀rọ̀ báyìí sí Google wọ́n á rí i, pé ìpè 63 ló mú wá lásìkò tó kọjá, pé mo fẹ́ tà á, nọ́ńbà mi nìyí. Mi ò kọ iye. Mẹ́ta dáhùn. Ọ̀kan fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ kó máa pín èrè fún mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀kan bèèrè iye, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni kẹta ni bàbá kan tó ní ibi ìkẹ́rù kaṣú lẹ́bàá títì nítòsí Kàbà.

Mo gbé ìwé mi lọ bá wọn. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ní kí wọ́n gbé omi fún mi, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ojú ìwé ni mo máa fi dọ́là mi rà? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ má wo ojú ìwé, ẹ bá mi wo èyí." Mo ṣí ìwé aláwọ̀ ewé, mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n ń fi ìka tọ́ ọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé "Ìyàrá, tọ́ọ̀nù méjì", wọ́n dúró. "Ta ló ra èyí?" Mo sọ ẹni tó rà á. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Mo mọ ẹni tó ta kaṣú yẹn. Ọdọọdún ni mo máa ń ra tiẹ̀." Wọ́n padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n tún kà á.

Mo pè é ní 1,100. Wọ́n ní 700. Mo fi oṣù méjìlá hàn wọ́n, mi ò fi oṣù mẹ́ta hàn wọ́n, mo sọ fún wọn fúnra mi pé oṣù kẹsàn-án kì í mú nǹkan kan wá àti pé tí wọn ò bá yí iye padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á kú. Àwọn kan máa ní kí ni mo sọ ìyẹn fún. Lójú tèmi, ẹni tó bá rà á tó wá bá ìyẹn pàdé lóṣù kẹsàn-án, á padà wá bá mi ni, Kàbà ò tóbi. A parí ẹ̀ sí 900, ìyẹn ìlọ́po 30. Ẹ yọ 260 tí mo fi rà á, ó ku 640, pẹ̀lú ohun tó ti mú wọlé fún mi. Oṣù 14 ló wà lọ́wọ́ mi, wákàtí méjì lọ́sẹ̀, ó lé ní 120 wákàtí lórí fóònù. Mo kọ ìyẹn náà sínú ìṣírò mi, torí ẹni tí kò bá kọ ọ́ á rò pé òun jèrè ju bó ṣe jẹ́ lọ.

Bá a ṣe fà á lé wọn lọ́wọ́ náà ní tiẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin tó wà l'Ábújá ló ṣí àkáǹtì, mo ti dòméènì sí i, mo kó fáìlì àti dátábéèsì WordPress fún un, mo yí íméèlì ọ̀gá sáìtì sí tiẹ̀. AdSense ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣàṣìṣe sí. Àkáǹtì AdSense kì í ṣeé tà, kì í ṣeé fún ẹlòmíràn. Ó ní láti gba tiẹ̀, kó dúró kí Google gbà á wọlé, lẹ́yìn náà ká yọ kóòdù tèmi kúrò nínú gbogbo ojú ìwé ká fi tiẹ̀ sí i, ká sì tún ìlà tó wà nínú `ads.txt` ṣe, ìyẹn fáìlì tó ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ìpolówó lórí sáìtì náà:

```
google.com, pub-0000000000000000, DIRECT, f08c47fec0942fa0
```

Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé `pub-` yẹn ni ti ẹni tó ni àkáǹtì. Tí kóòdù tí nọ́ńbà olùtà wà nínú ẹ̀ bá ṣì wà lójú ìwé, tí ìlà ẹ̀ ò sì tíì kúrò nínú `ads.txt`, olùtà lowó á máa lọ bá, olùrà á sì máa rò pé sáìtì ti kú. Ọmọbìnrin náà pè mí lọ́sẹ̀ kejì pé òun ò rí kọ́bọ̀, mo ní kó ṣí ojú ìwé áòtọ́ọ̀nù kó wo kóòdù ẹ̀, lóòótọ́ tèmi ló ṣì wà níbẹ̀, èmi ni mo gbàgbé ẹyọ kan yẹn àti ìlà tèmi nínú `ads.txt`. A yọ ọ́ lórí fóònù. Mo ṣírò ohun tó ti wọlé sí tèmi ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, kò tó dọ́là méjì, mo fi ránṣẹ́ sí i.

Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan tún kọ̀wé sí mi láti Lọ́kọ́ja, ó ní sáìtì ìbéèrè àtijọ́ JAMB tó fẹ́ tà. Ó fi àwòrán oṣù kejì, oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ránṣẹ́. Ó dáa gan-an. Mo ní kó bá mi fi ti oṣù kẹjọ ránṣẹ́, ó ní òun máa wá a.